Ṣé yíyọ orúkọ kúrò nínú àròkọ ti tó kí ẹ̀rọ má baà ṣe ojúsàájú?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Sùúrùlérè

Ẹgbẹ́ wa máa ń fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní owó ìrànwọ́ lọ́dọọdún. Àròkọ ni àwọn ọmọ náà fi ń béèrè fún un. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló máa ń kà á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àròkọ tọdún yìí lé ní igba, a sì ní kí ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá fún wọn ní máàkì. Nígbà tí èsì jáde, àgbà kan wo orúkọ àwọn tó wà lókè, ó ní irú orúkọ kan náà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo fẹ́ yọ gbogbo orúkọ kúrò, kí a sì tún un ṣe. Ṣé ìyẹn ti tó, àbí iṣẹ́ ṣì kù?

* * *

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ yìí kò gba wàhálà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìtọ́ni tí ẹ fún ẹ̀rọ náà pé kò gbọdọ̀ wo orúkọ, kí ẹ sì ní kí ó kọ ìdí tí ó fi fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Bí ẹ bá ka ìdí náà tí ẹ kò rí orúkọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ̀rọ kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò, kò sì wá láti ìlú kankan. Àwa ènìyàn ni a mọ ojúsàájú í ṣe.

* * *

Ẹlẹ́rọ Ẹ̀bútẹ̀-Mẹ́ta

Mo ti bá ẹgbẹ́ kan ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pé ẹ̀rọ kò ní ẹbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, bí àwọn tó kọ ọ́ bá sì ti ń fi irú orúkọ kan sí ẹ̀gbẹ́ ìyìn, tí wọ́n ń fi irú mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yóò ṣe gbé e, láìmọ̀ pé òun gbé ohunkóhun.

Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ìdí tí ẹ̀rọ ń kọ. Ẹ̀rọ tí a lò kò fi ìgbà kankan kọ ọ́ pé orúkọ ni òun wò. Ohun tí ó ń kọ ni pé ìparí àròkọ náà kò lágbára tó, tàbí pé àpẹẹrẹ inú rẹ̀ kò pọ̀, gbólóhùn tó mọ́ tónítóní tí olùkọ́ èyíkéyìí lè kọ. Nígbà tí a gbé àròkọ kan náà fún un lábẹ́ orúkọ mìíràn, ìparí yẹn kan náà ló wá pè ní èyí tó gún régé. Ẹni tó bá ń ka ìdí nìkan kò lè rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi rí i ni pé a yí orúkọ padà, a kò sì fọwọ́ kan ohun mìíràn. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ ní àròkọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀marùn-ún pẹ̀lú orúkọ kan náà, nítorí pé ọwọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í dúró lójú kan. Tiwa fún àròkọ náà ní 71, 74, 70, 73 àti 72. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 72, a sì mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀rọ lè gbọ̀n láàárín 70 sí 74 láìsí pé nǹkan kan yí padà. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí rẹ̀ nígbà náà. A wá fi orúkọ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ifá rọ́pò rẹ̀, a sì tún fún un lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó mú 66, 69, 67, 68 àti 65 wá, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 67. Ẹ wò ó pé èyí tó ga jù lábẹ́ orúkọ kejì, ìyẹn 69, kò dé ibi tí èyí tó kéré jù lábẹ́ orúkọ kìíní wà. Gbígbọ̀n ọwọ́ nìkan kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àròkọ kan kò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí náà a ṣe ogún. Nínú ogún yẹn, máàkì lọ sílẹ̀ nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò kúrò lójú kan nínú mẹ́ta, ó sì gòkè nínú méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni a gbìyànjú ohun tí Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó sọ, a kọ ọ́ sínú ìtọ́ni pé kí ẹ̀rọ má wo orúkọ. Lórí àròkọ àkọ́kọ́ yẹn, àlàfo tó jẹ́ máàkì márùn-ún di mẹ́ta. Ó dín kù, kò tán. Nítorí náà, Akọ̀wé, òtítọ́ ni pé ó yẹ kí ẹ yọ orúkọ kúrò pátápátá, kì í ṣe kí ẹ máa bẹ ẹ̀rọ pé kó di ojú.

* * *

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Sùúrùlérè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ àná. Mo mú ìwé orúkọ wa, mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 1 dé 214 bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, mo sì ní kí kọ̀ǹpútà wá orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn fáìlì náà, kí ó sì fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Ó parí kíákíá.

* * *

Ẹlẹ́rọ Ẹ̀bútẹ̀-Mẹ́ta

Ó parí kíákíá nítorí pé kò tíì parí. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe méjèèjì tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni èmi náà ṣe nígbà tiwa.

Èkíní ni ti nọ́ńbà. Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ sábà máa ń tò ní ìlànà lẹ́tà. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tó gba nọ́ńbà 6 lè jẹ́ Abdul tàbí Adé, ẹni tó gba 210 sì lè jẹ́ Yusuf tàbí Yétúndé. Nọ́ńbà náà ti di orúkọ tí wọ́n gé kúrú. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà da nọ́ńbà náà rú láìtẹ̀lé ètò kankan, kí ẹnìkan ṣoṣo sì mú ìwé tó so nọ́ńbà pọ̀ mọ́ orúkọ lọ́wọ́, kí ó má sì wà lára àwọn tí yóò fi máàkì ṣe ìpinnu.

Èkejì ni ti wíwá orúkọ, ibẹ̀ sì ni èdè wa ti dá lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ ni orúkọ Yorùbá. Ọmọ kan wà nínú tiwa tó ń jẹ́ Ayọ̀. Kọ̀ǹpútà yọ orúkọ rẹ̀, ó sì yọ ayọ̀ kúrò nínú àròkọ rẹ̀ pẹ̀lú, débi pé gbólóhùn tó sọ pé inú òun kún fún ayọ̀ lọ́jọ́ tí bàbá òun dé láti ìrìn-àjò di pé inú òun kún fún 143. Ẹ̀rọ ka ìyẹn sí àṣìṣe èdè, ó sì gé máàkì ọmọ náà. Ohun tí a fẹ́ fi gbà á là ló pa á lára. Ìfẹ́, Tópẹ́, Ìrètí àti Ìyanu, gbogbo wọn ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ìdàkejì, ó fi ọ̀pọ̀ orúkọ sílẹ̀ tó yẹ kó yọ. Ọmọ lè kọ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú àmì lórí ìwé kan, kí ó kọ ọ́ láìsí àmì lórí ìwé kejì, kí bọ́tìnnì orí fóònù kan sì kọ lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́, bíi "ọ", bí lẹ́tà kan ṣoṣo, kí ti òmíràn kọ ọ́ bí lẹ́tà kan àti àmì kan tó so mọ́ ọn. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Kí ẹ tó wá ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo fáìlì di irú kan náà, àti ìwé orúkọ pẹ̀lú. Ní Python, bí s bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ kà láti inú fáìlì kan:

```
import unicodedata
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
```

Èyí yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yanjú gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ tó sì tún ní àmì ohùn lókè kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà fi lè kọ ọ́, nítorí náà àmì ohùn yóò ṣì dá dúró lẹ́yìn lẹ́tà. Bí ẹ bá fi orúkọ tí kò ní àmì ohùn wá èyí tó ní i, ó lè yọ lẹ́tà kí ó sì fi àmì sílẹ̀. Nínú àwọn fáìlì tiwa, a rí nọ́ńbà tí àmì ohùn jókòó lé lórí bí fìlà. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé a níláti ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ojú. Àwa méjì kà á fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò sì mọ ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ.

* * *

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì, Yábàá

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti máàkì ìwé ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì fún ọ̀pọ̀ ọdún, nọ́ńbà ni a ń rí lórí ìwé, a kì í rí orúkọ. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ nínú ìdánwò yẹn jẹ́ mẹ́wàá, méje àkọ́kọ́ jẹ́ ti ibùdó ìdánwò, mẹ́ta ìkẹyìn ló jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè mọ ibi tí ìwé ti wá láìbéèrè. Mo rántí pé bí ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ láti ibùdó kan bá dára, mo máa ń ṣí ìkọkànlá pẹ̀lú inú dídùn, bí wọn kò bá sì dára, ọwọ́ mi á ti le kí n tó ka ìlà kan. Mo ń jẹ́wọ́ rẹ̀ ni, n kò fi ṣe ọgbọ́n.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ilé bá ti wà nínú orúkọ, ẹ lè yọ orúkọ, ilé náà á ṣì wà nínú gbogbo ohun tí ọmọ náà kọ. Ṣé ẹ ti yẹ ìyẹn wò?

* * *

Ìyá Aláṣọ, Balógun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. N kò mọ̀ nípa àròkọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Mo ń ta àǹkárá ní Balógun láti bí ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn. Ní oṣù méjì sẹ́yìn mo béèrè owó yíyá lórí fóònù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, kò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi dá mi lóhùn pé rárá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà béèrè iye kan náà, wọ́n fún un. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni òun ń jẹ́, èmi ń jẹ́ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ṣé kí n lọ yí orúkọ mi padà ni, àbí kí n ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ wọn?

* * *

Ẹlẹ́rọ Ẹ̀bútẹ̀-Mẹ́ta

Ẹ má yí orúkọ yín padà, mà. Ẹni tó ń yá ènìyàn lówó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí òun yá, nítorí náà kò sí bí wọ́n ṣe lè má gba orúkọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì lọ́wọ́ yín. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n ya tábìlì méjì sọ́tọ̀: ọ̀kan yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀yin ni ẹ̀yin lóòótọ́, èkejì yóò pinnu bóyá kí wọ́n yá yín lówó, orúkọ kò sì ní dé orí tábìlì kejì. Bóyá wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, ìta kọ́ ni a ti lè mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n n kò lè fi ènìyàn méjì sọ pé orúkọ ló fà á. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá ń gba owó ọjà sínú àkáǹtì, tí ẹ̀yin sì ń gba owó lọ́wọ́, ẹ̀rọ yóò rí ọjà tirẹ̀, kò sì ní rí tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiyín ló pọ̀ jù. Iye ìgbà tí ẹ ti lo nọ́ńbà fóònù yín àti gbèsè tí ẹ ti san tẹ́lẹ̀ náà lè wà níbẹ̀. Nínú àròkọ tiwa, a lè yí orúkọ nìkan padà kí ohun gbogbo mìíràn wà bó ṣe wà. Ẹ̀yin àti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín yàtọ̀ ní ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

* * *

Agbẹjọ́rò Ìgbósẹ̀rẹ́

Kí Ìyá fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023, ní abala 37, sọ̀rọ̀ nípa ìpinnu tí ẹ̀rọ nìkan ṣe lórí ènìyàn. Ẹ lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara wo ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ sọ tẹnu yín, kí ẹ sì tako ìpinnu náà. Kò túmọ̀ sí pé wọn yóò yá yín lówó o.

Ní ti ìbéèrè Akọ̀wé, èmi kò fara mọ́ bí gbogbo yín ṣe gbára lé yíyọ nǹkan kúrò. Ní Flọ́rídà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ń lo ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ COMPAS láti sọ bóyá ẹni tí wọ́n mú tún lè dẹ́ṣẹ̀. Ìbéèrè 137 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó béèrè ẹ̀yà ènìyàn. Àwọn oníròyìn yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 2016, wọ́n rí i pé nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò tún dẹ́ṣẹ̀ mọ́, ìdá 45 nínú 100 ni ẹ̀rọ náà ti kọ́kọ́ pè ní eléwu, nígbà tí ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ nǹkan bí ìdá 23. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní ìṣirò wọn kò tọ̀nà, nítorí pé ẹni tó gba máàkì kan náà, dúdú tàbí funfun, ló ń dẹ́ṣẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ lè na ọwọ́ mímọ́ sókè pé òun kò béèrè ẹ̀yà, kí èsì rẹ̀ sì tún tò bí ẹni pé ó béèrè.

* * *

Ẹlẹ́rọ Ẹ̀bútẹ̀-Mẹ́ta

Ohun tí Olùkọ́ wa àti Agbẹjọ́rò sọ jọ ra wọn, ìdáhùn mi sì ni pé a lè wọn iye tó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn tí a ti yọ orúkọ, mo mú ọgbọ̀n àròkọ, mo gbé wọn fún arábìnrin kan tí kò mọ àwọn ọmọ náà rí, mo ní kí ó sọ fún mi bóyá ilé Mùsùlùmí ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wá tàbí ilé Onígbàgbọ́. Mo ti ṣà wọ́n bẹ́ẹ̀ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà níhìn-ín, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà lọ́hùn-ún, nítorí náà ẹni tó bá kàn ń sọ ọ́ láìmọ̀ yóò gba nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó gba mẹ́rìnlélógún. Mo béèrè bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan mẹ́nu ba Iléyá, ọ̀kan sọ̀rọ̀ ilé-kéú, òmíràn ní òun ń kàwé lẹ́yìn ìṣọ́ òru. Orúkọ ti lọ, ilé ṣì wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ ṣe sọ. Ohun tí arábìnrin yẹn lè rí, ẹ̀rọ náà lè rí i.

A wá rò pé kí a yọ gbogbo ìyẹn náà. Bí a ṣe ṣe é ní ìgbà àkọ́kọ́ ni pé a fi àlàfo sílẹ̀, àròkọ wá dà bí aṣọ tí eku jẹ. Ẹ̀rọ kò fẹ́ràn àlàfo. A mọ̀ ọ́n nítorí pé a tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí àròkọ mẹ́wàá tí kò ní nǹkankan láti fi pamọ́, a kàn yọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ níbi tó wù wá, máàkì àwọn náà sì lọ sílẹ̀. Bí ìbòjú tìrẹ bá ń gé máàkì ẹni tí kò ní ohun tí ó ń bò, ìbòjú náà ni ó ní àrùn. A fi ọ̀rọ̀ tó ṣe déédéé rọ́pò dípò àlàfo: Iléyá àti Kérésìmesì di ọjọ́ ọdún, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì di ilé ìjọsìn. Nígbà tí arábìnrin yẹn tún wo ọgbọ̀n mìíràn, ó gba mọ́kàndínlógún. Kò di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

* * *

Alátúmọ̀ Mùṣín

Mo ní ìbéèrè kékeré kan fún Akọ̀wé. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ọmọ fi kọ àròkọ?

* * *

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Sùúrùlérè

Rárá, a fún wọn láyè láti kọ ọ́ ní Yorùbá, nǹkan bí ogójì ló sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó fún un ní máàkì.

* * *

Alátúmọ̀ Mùṣín

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ dé. Nínú Yorùbá, "ó" kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ọmọ lè kọ ojú ìwé méjì nípa ara rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń túmọ̀ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, ẹ̀rọ atúmọ̀ sì sábà máa ń sọ dókítà di ọkùnrin, ó máa ń sọ nọ́ọ̀sì di obìnrin. Ohun tí ọmọ kò kọ sílẹ̀ rárá ni ẹ̀rọ wá fi kún un, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ orúkọ. Ẹ yọ nǹkan kúrò lẹ́yìn ìtumọ̀, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀ nìkan. Èyí tó sàn jù ni kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá ka ogójì yẹn. Ogójì kò pọ̀.

* * *

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo gbà pé ìtọ́ni nìkan kò tó, ìdánwò orúkọ méjì yẹn ti yí mi lọ́kàn padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń yọ nǹkan báyìí, ẹ yọ gbogbo rẹ̀: orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, àdúgbò, iṣẹ́ bàbá, iṣẹ́ ìyá. Kí àròkọ dúró ní ìhòòhò. Ọmọ Ìkòyí àti ọmọ Ajégúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó mọ̀wé kọ.

* * *

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì, Yábàá

Rárá o, ọmọ mi. Owó ìrànwọ́ ni èyí, kì í ṣe ìdíje àròkọ. Ọmọ tó ń ti Mákòkó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tí wọ́n pọ̀ tó àádọ́rùn-ún nínú kíláàsì kan, tó sì kọ gbólóhùn tó tọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ju ti ẹni tí olùkọ́ ilé ń dúró tì lọ, bí gbólóhùn wọn tilẹ̀ rí bákan náà. Bí ẹ bá yọ Mákòkó kúrò, ohun tí ẹ yọ kì í ṣe ohun tí kò kan ọ̀rọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ẹ yọ.

* * *

Ẹlẹ́rọ Ẹ̀bútẹ̀-Mẹ́ta

Èmi náà wà lẹ́yìn Olùkọ́ níbí yìí, nǹkan kan sì ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé tó tì í lẹ́yìn. Láàárín ọdún 2010 sí 2011, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń báni wáṣẹ́ níbẹ̀ dán an wò: fún àwọn agbanisíṣẹ́ kan tó gbà láti kópa, wọ́n yọ orúkọ àti àdúgbò kúrò lórí ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́, fún àwọn yòókù wọ́n fi sílẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń retí ni pé ọmọ àwọn aṣíkiri yóò rí ìpè sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sí i. Òdì kejì ló ṣẹlẹ̀, ìpè wọn dín kù níbi tí orúkọ kò sí. Àlàyé àwọn tó ṣe ìwádìí náà ni pé irú àwọn agbanisíṣẹ́ tó fínnúfíndọ̀ kópa kì í ṣe àwọn tó ń ṣe ẹ̀tanú tẹ́lẹ̀, àti pé nígbà tí wọn kò mọ ibi tí ènìyàn ti wá mọ́, ọdún tí kò fi ríṣẹ́ ṣe di àbùkù lásán lójú wọn. Tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n máa ń fojú àánú wò ó.

Ènìyàn ló ń ṣe ìdájọ́ yẹn o, kì í ṣe ẹ̀rọ, nítorí náà n kò ní gbé e lé ọ̀rọ̀ wa lórí tán pátápátá. Ohun tí a ṣe ní tiwa ni pé ẹ̀rọ fún àròkọ ní máàkì láìrí orúkọ, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí àdúgbò, a tilẹ̀kùn mọ́ máàkì náà kí ẹnikẹ́ni má lè yí i padà mọ́, lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ènìyàn márùn-ún wá rí àdúgbò, ilé-ẹ̀kọ́ àti ipò ilé, tí wọ́n fi máàkì àìní kún un. Orúkọ kò dé ọ̀dọ̀ wọn títí wọ́n fi parí.

* * *

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì, Yábàá

Ó dára, ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ló dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ yẹn?

* * *

Ẹlẹ́rọ Ẹ̀bútẹ̀-Mẹ́ta

Àwọn tó gba 60 sókè. Mo mọ ibi tí ẹ ń lọ, mà. Ọmọ Mákòkó yín lè gba 58, kí ó má sì dé ibi tí ẹnikẹ́ni yóò ti mọ̀ pé Mákòkó ló ti wá. Àwa kò rí ọ̀nà yanjú rẹ̀. A sọ ọ́ di 55 ní ọdún kejì, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ sì di ìlọ́po méjì.

* * *

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Sùúrùlérè

Mo ti da nọ́ńbà rú. Mo ka fáìlì ọgọ́ta lánàá, mo rí mọ́kànlá tí nọ́ńbà ti jókòó sí àárín gbólóhùn, méjì nínú wọn jẹ́ ayọ̀, ẹyọ kan jẹ́ Ìrètí, àwọn yòókù jẹ́ adé tó wà nínú orúkọ àdúgbò. Ogójì ti Yorùbá, ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ti ṣe olùkọ́ rí ti gbà láti kà á fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà kò tíì fẹnu kò lórí ibi tí máàkì yóò ti dúró. Ọ̀kan ní 50, ọ̀kan ní kí a má fi nọ́ńbà kankan dí ọ̀nà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. A ó pàdé ní Sátidé láti tún un sọ, n ó sì ṣe ìdánwò orúkọ méjì yẹn lórí ogún àròkọ kí ó tó di ìgbà náà.